Ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì olóríkèé mẹ́ta: bí mo ṣe ń mọ igun tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí

Ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan ni mo tò, oríkèé mẹ́ta ló ní. Èkíní wà ní ìdí rẹ̀, òun ló ń yí i sọ́tùn-ún sósì. Èkejì ni èjìká, ẹ̀kẹta ni ìgbọ̀nwọ́. Àwọn méjèèjì yìí ló ń gbé apá sókè tí wọ́n ń gbé e sílẹ̀. Mo so pẹ́ńsù mọ́ iwájú rẹ̀. Kí n sọ fún mọ́tò pé kó yí dé igun báyìí-báyìí, ìyẹn ò le. Ohun tó le ni òdìkejì rẹ̀: mo ti mọ ibi tí mo fẹ́ kí ẹnu pẹ́ńsù kàn, igun wo wá ni mọ́tò kálukú yóò dúró sí kó tó lè débẹ̀? Ìṣirò yìí ni àwọn tó ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ń pè ní infáàsì kinimátíìsì. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyí, tòun ti nọ́ńbà, kí ẹni tó bá ń ṣe irú rẹ̀ lè fi tirẹ̀ wé e.

1. Ohun tí mo fi tò ó

Mọ́tò sáfò mẹ́ta, MG996R, ni mo lò, àwọn ló sì gba owó ju gbogbo nǹkan yòókù lọ. Arduino Uno kan ló ń darí wọn. Àlùmíníọ́mù ni apá rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé gé kù. Ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ò gbowó lọ́wọ́ mi. Ó kàn ní, "Àbúrò, tó o bá ti parí ẹ̀, kó o gbé e wá ká wò ó o."

Ẹ má ṣe fa iná mọ́tò láti ara Arduino tàbí láti ara kọ̀ǹpútà. Bí nǹkan bá dá MG996R kan ṣoṣo dúró níbi tó ti ń yí, ó lè fa iná tó ju ámpíà 2 lọ, Arduino yóò sì máa kú, yóò máa jí. Iná fólítì 6 lọ́tọ̀ ni mo fún àwọn mọ́tò. Ṣùgbọ́n wáyà dúdú iná náà gbọ́dọ̀ pàdé wáyà dúdú ti Arduino. Bí wọn ò bá pàdé, ṣe ni àwọn mọ́tò yóò máa gbọ̀n láìgbọ́ràn.

2. Ìwọ̀n mẹ́ta tí ìṣirò nílò

Nọ́ńbà mẹ́ta péré ni ìṣirò yìí ń béèrè nípa ọwọ́ náà. H ni gíga láti orí tábìlì dé àárín ìdè èjìká: tèmi jẹ́ mìlímítà 70. L1 ni láti àárín ìdè èjìká dé àárín ìdè ìgbọ̀nwọ́: 120. L2 ni láti àárín ìdè ìgbọ̀nwọ́ dé ẹnu pẹ́ńsù: 100.

Ẹ kíyè sí i pé àárín ìdè sí àárín ìdè ni mo wọ̀n. Irin L1 tèmi gùn tó 145 láti etí dé etí, ṣùgbọ́n ohun tó kọjá ìdè lọ́tùn-ún lósì kò kan ìṣirò. Bákan náà ni pẹ́ńsù: bí ẹ bá gbẹ́ ẹ tó kúrú, L2 ti yí padà nìyẹn, ẹ tún un wọ̀n. Èjìká tèmi dúró gan-an sórí àárín ìdí tó ń yí. Bí tiyín bá yọ síwájú díẹ̀, ẹ ó yọ iye mìlímítà yẹn kúrò nínú r tí mo fẹ́ sọ yìí kí ẹ tó máa bá ìṣirò lọ.

3. Ìṣirò náà, lórí ibì kan gan-an

Mo pe iwájú ní x, ẹ̀gbẹ́ òsì ní y, òkè ní z, orí tábìlì lábẹ́ àárín ìdí sì ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní òdo. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹnu pẹ́ńsù dé ni x = 120, y = 90, z = 100.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ náà láti òkè. Láti ibẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: ibo ni kí ìdí kọjú sí? Igun tí 90 sí ẹ̀gbẹ́ àti 120 síwájú ń fún wa ni dígírì 36.87. Mọ́tò ìdí ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Láti òkè yìí kan náà la ti máa mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí àárín ìdí tó. 120 lọ́nà 120 jẹ́ 14400, 90 lọ́nà 90 jẹ́ 8100, àpapọ̀ wọn jẹ́ 22500, 150 lọ́nà 150 gẹ́lẹ́. Nítorí náà r jẹ́ 150. (Mo dìídì mú 120 àti 90 ni, kí nọ́ńbà má bàa ya yẹ́pẹyẹ̀pẹ.)

Ní báyìí tí ìdí ti kọjú síbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀tún tàbí òsì mọ́. Ẹ wá wo ọwọ́ náà láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni yà á sára ògiri. Ibi tí a ń lọ fi 150 wà níwájú èjìká. Gíga rẹ̀ lórí tábìlì jẹ́ 100, èjìká sì ti wà ní 70, nítorí náà ó fi 30 péré ga ju èjìká lọ. Ìlà tààrà láti èjìká dé ibẹ̀, tí mo pè ní d, jẹ́ 153 ó dín díẹ̀: 22500 pẹ̀lú 900 jẹ́ 23400, tí í ṣe d lọ́nà d.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti já sí kókó nìyí. A ti ní igun mẹ́ta kan tí a mọ gígùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: 120, 100 àti 153. Ẹ gé ọ̀pá mẹ́ta sí ìwọ̀n wọ̀nyẹn, ẹ so wọ́n pọ̀ lórí-lórí, ẹ ó rí i pé kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ̀ wọ́n mọ́; igun wọn ti dúró síbi tó máa wà. Òfin kósáìnì tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé girama ló ń sọ iye igun náà. Ti ìgbọ̀nwọ́ rèé:

```
c = (d*d - L1*L1 - L2*L2) / (2*L1*L2)
c = (23400 - 14400 - 10000) / 24000 = -0.0417
```

Igun tí kósáìnì rẹ̀ jẹ́ -0.0417 ni dígírì 92.39. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá na ọwọ́ náà gbọọrọ, ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ ká kúrò lójú ọ̀nà yẹn ní dígírì 92.39. Èmi fi òdo ṣe ọwọ́ tó nà tán, mo sì fi àmì ìyọkúrò síwájú kíká sísàlẹ̀, nítorí náà -92.39 ni ti ìgbọ̀nwọ́.

Èjìká ku díẹ̀. Ọ̀nà méjì ni igun rẹ̀ pín sí. Èkíní ni bí ìlà d ṣe dagun sókè, 30 sókè lórí 150 síwájú, dígírì 11.31 nìyẹn. Èkejì ni igun tó wà láàárín ìlà d yẹn àti apá òkè, ìyẹn L1, nínú igun mẹ́ta wa: dígírì 40.78. Ìgbọ̀nwọ́ wà lókè ìlà náà, nítorí náà a ó ro wọ́n pọ̀: 52.09.

Kí ẹ tó gbé nọ́ńbà kankan fún mọ́tò, ẹ gbà á padà láti òdìkejì. Apá òkè tó gùn ní 120, tó wà ní igun 52.09, mú wa lọ síwájú ní 73.73, ó sì gbé wa sókè ní 94.68. Apá ìsàlẹ̀, tí í ṣe L2, wà ní 52.09 dín 92.39, ìyẹn -40.30 sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ó mú wa síwájú ní 76.27, ó sì rẹ̀ wá sílẹ̀ ní 64.68. Síwájú, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 150.00. Sókè, 30.00. Ó ti bára mu. Ìṣẹ́jú kan ni àyẹ̀wò yìí ń gbà, ó sì ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bí ọwọ́ bá ṣì síbòmíràn lẹ́yìn èyí, ìṣirò kọ́ ló fà á.

4. Ìdáhùn méjì ló wà

Igun mẹ́ta yẹn ṣeé dojú dé. Bí èjìká bá wà ní 11.31 dín 40.78, ìyẹn -29.47, tí ìgbọ̀nwọ́ sì ká sókè ní +92.39, ẹnu pẹ́ńsù yóò dé ibi kan náà gẹ́lẹ́. Àwọn nọ́ńbà ò mọ èyí tó dára. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n. Nínú ìdáhùn kejì yìí, àárín ìdè ìgbọ̀nwọ́ yóò wà ní mìlímítà 11 péré sórí tábìlì, mọ́tò tó wà níbẹ̀ sì nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò gbá tábìlì kó tó débẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró ti ìgbọ̀nwọ́ òkè fún gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì, tí n kò sì jẹ́ kí kóòdù máa yàn fúnra rẹ̀. Bó bá yí láti ọ̀kan sí èkejì láàárín iṣẹ́, ṣe ni gbogbo apá yóò gbé ara rẹ̀ jù.

5. Kóòdù rẹ̀

```
const float H = 70, L1 = 120, L2 = 100;
float q1, q2, q3;  // ìdí, èjìká, ìgbọ̀nwọ́

bool wa(float x, float y, float z) {
  float r = sqrt(x*x + y*y);
  float h = z - H;
  float c = (r*r + h*h - L1*L1 - L2*L2) / (2*L1*L2);
  if (c < -1 || c > 1) return false;
  q1 = atan2(y, x);
  q3 = -acos(c);
  q2 = atan2(h, r) - atan2(L2*sin(q3), L1 + L2*cos(q3));
  return true;
}
```

`atan2` ni kí ẹ lò, kì í ṣe `atan`. Bí ibi tí ẹ ń lọ bá wà lẹ́yìn ìdí, `atan` ò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti iwájú. Rédíánì ni àwọn igun yìí ń jáde, ẹ fi `RAD_TO_DEG` sọ wọ́n di dígírì. Èmi kọ́kọ́ jẹ́ kó tẹ ìdáhùn sójú kọ̀ǹpútà láìso mọ́tò kankan, mo sì fi 120, 90, 100 dán an wò títí ó fi fún mi ní 36.87, 52.09 àti -92.39.

6. Igun ìṣirò kọ́ ni igun mọ́tò

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi àwọn igun yìí ránṣẹ́ sí mọ́tò ní tààrà, ìgbọ̀nwọ́ yí sí òdì, èjìká náà sì dúró síbi tí kò jọ 52 rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé òdo mọ́tò àti òdo ìṣirò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀pá mọ́tò MG996R ní eyín 25, nítorí náà bí ẹ bá fi eyín kan yí apá tí ẹ wọ̀ sórí rẹ̀, dígírì 14.4 ló fi yí. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ọwọ́ wọ̀ ọ́ kó bọ́ sí òdo gẹ́lẹ́. Ẹ wọ̀ ọ́ síbi tó sún mọ́ ọn, kí ẹ wá wọn ìyókù.

Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n nìyí. Mọ́tò kì í gbọ́ dígírì ní ti gidi. Gígùn àkókò iná kékeré tó ń wọlé sí i ló ń gbọ́, ní máíkírósẹ́kọ́ńdì, `writeMicroseconds` la sì fi ń sọ ọ́. Mo gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí àwọn bíríkìlà ń lò lé apá òkè, mo ń yí nọ́ńbà díẹ̀díẹ̀ títí omi inú rẹ̀ fi dúró sáàárín: 540. Òdo èjìká nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo fi sìkúwẹ́à káfíńtà gbé e dúró ṣánṣán: 1480 ni 90. Ìyàtọ̀ 940 lórí dígírì 90 jẹ́ 10.44 fún dígírì kan. Fún ìgbọ̀nwọ́, mo fi rúlà nà án gbọọrọ mọ́ apá òkè, 2460 ni. Mo fi sìkúwẹ́à ká a sílẹ̀ dé -90, 1500. Fún ìdí, ìlà tí mo fà sórí tábìlì ni mo fi wọ̀n ọ́n: iwájú gan-an jẹ́ 1490, òsì pátápátá jẹ́ 2420.

Nọ́ńbà méjì yìí fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan ti yanjú òdo rẹ̀, apá ibi tó ń yí sí, àti bó ṣe ń yí tó fún ìwọ̀n kan, lẹ́ẹ̀kan náà. Fún àpẹẹrẹ wa, èjìká gba 540 pẹ̀lú 52.09 lọ́nà 10.44, ó di 1084. Ìgbọ̀nwọ́ gba 1475 ó dín díẹ̀. Ìdí gba 1871.

Ohun kan wà níbí tó máa ń da ni láàmú. Bí ẹ bá kàn kọ `attach(9)`, láìsọ àwọn ààlà, láàárín 544 àti 2400 ni láíbìrárì Arduino ń há ohun gbogbo mọ́, kò sì ní sọ fún yín. 2460 tí mo ń fi ránṣẹ́ ń di 2400, ìgbọ̀nwọ́ sì ń fi nǹkan bíi dígírì 5 àti ààbọ̀ kù kó nà tán. `attach(9, 500, 2500)` ló tún un ṣe. Bákan náà, mo yẹra fún `write`, nítorí dígírì odindi ló ń gbà, dígírì kan lórí ìjìnnà 150 sì ti tó nǹkan bíi mìlímítà 2.6.

Ẹni tó bá ń lo irú ọwọ́ MeArm, tí mọ́tò apá ìsàlẹ̀ wà nídìí tó sì ń fi ọ̀pá fa apá náà, kó mọ̀ pé igun tí mọ́tò yẹn ń fẹ́ ni q2 + q3, ìyẹn -40.30 nínú àpẹẹrẹ yìí. Kì í ṣe -92.39. Ọ̀pọ̀ kóòdù tí èèyàn ń rí gbà ò sọ irú èyí tí wọ́n ń bá wí.

7. Bí ó bá ṣì, ẹ wo bó ṣe ṣì

Mo tẹ́ pépà gíráàfù sórí páálí kan tó ga ní 100, mo sì rán ẹnu pẹ́ńsù sí ibi púpọ̀ lórí rẹ̀. Kó ṣì díẹ̀ ò burú. Ohun tó ń kọ́ni ni irú àṣìṣe tó ń ṣe. Bí gbogbo àmì bá yí lọ sápá kan ní igun kan náà yí ìdí ká, òdo mọ́tò ìdí ni. Bí gíga bá ń ṣì, tí ó sì ń ṣì sí i bí apá ṣe ń nà jáde, èjìká ni: dígírì kan níbẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2.6 ní ìjìnnà 150, ó di 3.5 ní 200. Bí ó bá ń kọjá síwájú tàbí tó ń kù sẹ́yìn, tí gíga sì ń yí pẹ̀lú rẹ̀ láìtẹ̀lé ìlànà yẹn, ẹ lọ tún òdo ìgbọ̀nwọ́ wò, lẹ́yìn náà L2. Ẹ má ṣe tún nǹkan méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Tèmi ń bọ́ sísàlẹ̀ bí apá ṣe ń jìnnà. Mo fi 9 kún òdo èjìká, láti 540 sí 549, mo sì fi iye kan náà kún 1480, gíga sì tò. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àmì ń bọ́ sí nǹkan bíi mìlímítà 2 sí ibi tí mo fẹ́. N kò retí kó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Mọ́tò yìí kì í dáhùn títí àyípadà yóò fi tó nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ńdì 5, tí í ṣe ìdajì dígírì, ìyẹn nìkan sì ti ju mìlímítà kan lọ ní ẹnu pẹ́ńsù.

8. Etí ibi tí ọwọ́ lè dé

Ọwọ́ mi ò lè ju 220 lọ láti èjìká, ìyẹn 120 pẹ̀lú 100, kò sì lè sún mọ́ èjìká ju 20 lọ, ìyẹn 120 dín 100. Bí ibi tí ẹ béèrè bá kọjá ààlà yìí, c yóò kọjá 1 tàbí kó rẹ̀ sísàlẹ̀ -1, `acos` yóò sì dá `nan` padà. Bí `nan` bá dé ọ̀dọ̀ mọ́tò, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa fò sí. Ìdí tí ìlà `return false` fi wà nínú kóòdù òkè yẹn nìyí.

Kódà kó tó dé ààlà, nǹkan ti ń bàjẹ́. Ní d = 220, ìgbọ̀nwọ́ nà tán, òdo ni. Ẹ fà á sẹ́yìn ní mìlímítà kan ṣoṣo, sí 219, ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ ká ní dígírì 11. Mìlímítà tó tẹ̀ lé e, sí 218, dígírì 4.5 péré ló béèrè. Mọ́tò ò lè fo dígírì 11 kíákíá bẹ́ẹ̀ láìgbọn pẹ́ńsù, nítorí náà mo fi òpin sí 210 nínú kóòdù tèmi. Òkè orí ìdí gan-an náà ní ìṣòro tirẹ̀: bí x àti y bá jẹ́ òdo, kò sí ibi kan pàtó tí ìdí lè kọjú sí, bó bá sì kù díẹ̀ kó jẹ́ òdo, ìdí yóò máa yí gbirigbiri fún ìṣípòpadà tí kò tó nǹkan.

Ohun kan tí oríkèé mẹ́ta ò lè ṣe ni kí ẹ yan ibi tí pẹ́ńsù ń dé, kí ẹ tún yan bó ṣe máa dagun. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó dagun sísàlẹ̀ ní 40.30, bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúró ṣánṣán nígbà gbogbo nílò mọ́tò kẹrin ní ọrùn ọwọ́.

9. Fífa ìlà tó gún

Mo fẹ́ fa ìlà láti (120, 90, 100) dé (120, -90, 100). Mo kọ́kọ́ ṣírò igun ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, mo sì jẹ́ kí mọ́tò rọra yí láti èyí sí èyí. Igun èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ bára mu ní ìparí méjèèjì, nítorí náà wọn ò mira; ìdí nìkan ló yí. Ohun tó jáde ni ọrun tó yọ síwájú dé x = 150 láàárín, tí ó fi 30 gbáko ṣì kúrò lójú ìlà.

Ṣe ló yẹ kí ọwọ́ fà sẹ́yìn bó ṣe ń kọjá àárín. Níbẹ̀, r gbọ́dọ̀ jẹ́ 120, èjìká 62.46, ìgbọ̀nwọ́ -112.28. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a gé ìlà náà fúnra rẹ̀ wẹ́wẹ́, kì í ṣe igun, kí a sì ṣírò gbogbo rẹ̀ lọ́tun fún ègé kọ̀ọ̀kan. Ìlà 180 tí mo gé ní márùn-ún márùn-ún di ègé 36. Láàárín ègé kan sí èkejì, ọrun tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Mo fún ègé kọ̀ọ̀kan ní mílísẹ́kọ́ńdì 40, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ní mílísẹ́kọ́ńdì 20 ni mọ́tò ń gba ọ̀rọ̀ tuntun, kò sì sí èrè nínú kíkánjú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlà náà gún. Ibi kan ṣoṣo tó tẹ̀ díẹ̀ ni àárín rẹ̀, lẹ́bàá y = 0. Níbẹ̀ ni èjìká ti ń parí gígòkè tó sì fẹ́ máa sọ̀kalẹ̀ padà, ìgbọ̀nwọ́ náà bákan náà, àwọn méjèèjì ò sì dáhùn títí àyípadà fi kọjá ìdajì dígírì. Bí mo bá sún ìlà náà sí x = 140, ibi títẹ̀ yẹn ṣì wà láàárín; mọ́tò tó ń dáhùn sí àyípadà tó kéré sí i nìkan ló lè mú un kúrò.